Lẹ́tà Tí Kọ̀ǹpútà Ní Kò Lábùkù

Ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kakuri, lápá Òkè Ọya, ni mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ. Àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ máa ń pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, débi pé tá a bá délé, etí wa á ṣì máa hó. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́, ariwo yẹn sì máa ń wù mí í gbọ́ nígbà mìíràn. Mo ti ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì kí n tó débẹ̀, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nínú èdè náà.

Àlájà ni gbogbo wa ń pe akọ̀wé tá a jọ wà ní ọ́fíìsì. Ará Ìlọrin ni. Ó ti lo tápúráítà ju ogún ọdún lọ kí wọ́n tó gbé kọ̀ǹpútà wá. Ọ̀gá wa á máa sọ̀rọ̀, òun á máa fi ṣọ́tọ́hàǹdì gbà á sílẹ̀, ìró ọ̀rọ̀ nìkan ni ó sì ń kọ. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí yóò sì ní kí ẹ̀rọ náà wo àṣìṣe. Ibi tí kò bá ti mọ ọ̀rọ̀ kan, á fa ìlà pupa sí i nídìí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà kan lọ sókè òkun tó yẹ kó sọ pé a gbà, "accept", ṣùgbọ́n "except", àyàfi, ni Àlájà tẹ̀. Àwọn tó ń ta aró fún wa dá ẹrù dúró, wọ́n ní kí la kọ̀ gan-an? Ọ̀gá bínú gidi.

Ó ní, "Haba, Àlájà! Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, sítọ̀ aṣọ ni mo máa gbé ọ lọ."

Eruku òwú ló kún sítọ̀ yẹn, Àlájà sì ní ikọ́ fée.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó tẹ í-meèlì tuntun sí àwọn aláró náà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, ó gbé e wá sórí tábìlì mi.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan kan."

"Ẹ̀rọ yẹn náà ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Wàláì, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí."

Mo ní kó kà á sókè. Ó kà á geere, etí mi kò gbọ́ àbùkù kankan. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé etí gan-an ló ń tàn wá jẹ: bákan náà ni "accept" àti "except" ń dún lẹ́nu wa. Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ kàn ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà wà ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì sì wà.

Mo ní, "Àlájà, ẹ má ka Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ẹ sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún mi ní Yorùbá, ohun tó wà lórí bébà gan-an ni kí ẹ sọ."

Ó wo èyí àkọ́kọ́: "The delay will effect our production." Ó ní, "Ìdádúró yìí yóò mú kí iṣẹ́ wa…" Ó tún bébà náà wò. "Yóò mú un ṣẹ kẹ̀? Ìdádúró tó ń pa wá lára!"

Ó kọ "affect", pé yóò ṣàkóbá fún iṣẹ́ wa, sí i. Ní ìlà kẹta, òun fúnra rẹ̀ rí i pé ìlànà, "principle", ló ní kí wọ́n fi ẹrù ránṣẹ́ sí, dípò "principal", olórí àwọn ẹnjiníà wa tó wà ní Kawo.

"Kai! Ìlànà á wá gba ẹrù ní Kawo nìyẹn?"

A rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ti wá gbóyà. Mo rí "the effect on our workers" nísàlẹ̀, mo sáré fi bírò fagi lé e kí n lè kọ "affect". Àlájà di ọwọ́ mi mú.

"Rárá o, Bọ̀dá. Ohun tó yọrí sí fún àwọn òṣìṣẹ́ wa ni. Èyí dáa bó ṣe wà."

Òótọ́ ló sọ. Mo dá a padà, ojú tì mí díẹ̀.

Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fi sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, awakọ̀ gbé e lọ sí ilé kọ̀ǹpútà tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì nígboro. Ọjọ́ mẹ́ta ni Àlájà kò fi jẹun ọ̀sán. Ní ọjọ́ kẹrin, èsì dé: aró ti wà lójú omi, kò sí ìbéèrè kankan. Ọ̀gá kà á tán, ó gbé e sórí tábìlì Àlájà láìsọ ohun kan ju "To, madalla", ìyẹn pé ó dáa, lọ.

Àlájà jókòó sórí àga rẹ̀ bí ẹni tó rìn ti Ìlọrin dé. Ó ní, "Alihamudulilahi." Lẹ́yìn náà ló ṣí kúlà oúnjẹ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.