Gbólóhùn Kan Tí Kò Ríbi Wọ̀

Ohun tí olùdánwò tó ti yunifásítì mìíràn wá sọ fún mi lọ́jọ́ náà kò jọ ohun tó lè ba ti ẹnikẹ́ni jẹ́. Ó pa ìwé mi dé, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní iṣẹ́ náà dára, kí wọ́n fún mi ní oyè másítàsì mi bí mo bá ti lè ya Orí Kẹrin sí méjì. Èsì àti ìjíròrò ni mo kó pọ̀ síbẹ̀. Ó fẹ́ kí èsì dá dúró, kí ìjíròrò náà dá dúró. "Àtúnṣe kékeré ni," ó wí. Gbogbo àwọn tó jókòó dán mi wò bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, mo ra ohun mímu tútù, mo sì rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ló kù.

Gàrí ni mo ṣiṣẹ́ lé lórí, gàrí Ìjẹ̀bú wa yìí, èyí tó máa ń kan lẹ́nu, tí àwọn ará ibòmíràn ń torí rẹ̀ bú wa tí wọn kò sì yéé rà. Mo rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é ní Odogbolu, ní Ibefun àti ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mo gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò wa. Mo wọn bó ṣe kan tó. Mo sì wọn oró tó máa ń wà nínú ẹ̀gẹ́, láti mọ ìwọ̀n tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ̀ ọ́, tí wọ́n ti fún un, tí wọ́n sì ti yan án. Gàrí Ibefun ló kan jù. Òun náà ni oró rẹ̀ kéré jù. Inú mi dùn dé ibi pé mo fi fóònù ya àwòrán ìwé tí mo kọ ọ́ sí.

Mi ò lè sọ pé mi ò fì síbì kankan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń yan gàrí ní Ibefun. Òun ló tọ́ mi dàgbà, lẹ́bàá ààrò rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ìwé kíkà. Ní ọdún tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí, oníbàárà kan ń ti Èkó wá bá òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo gàrí wọn ni ọkùnrin náà fẹ́ máa kó, ṣùgbọ́n kò fẹ́ máa dúró. Ó ní ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi sínú àpò fún ọjọ́ gbọọrọ kó tó kan ń fi àkókò òun ṣòfò, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò gbà. Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an ló ń pa oró inú ẹ̀gẹ́, bí àwọn ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn ìyá àwọn nìyẹn. Ó wá sọ fún un pé ọmọ òun wà ní yunifásítì, ó ń fi ẹ̀rọ yẹ gàrí wò, kí ó jẹ́ kí ìwé ọmọ náà jáde, ohun tí ìwé bá wí ni dede àwọn pátá yóò tẹ̀ lé. Ọkùnrin náà ní ó dáa. Bí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Ibefun ṣe di ẹrù lórí Orí Kẹrin mi nìyẹn.

Alábòójútó mi, Dókítà, jẹ́ ẹni tí kì í pariwo. Mo bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí iná, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀, ó gbé bírò pupa kan fún mi àti búlúù kan.

"Ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan," ó wí. "Ohun tí o rí tàbí tí o wọ̀n, fi pupa fà á nídìí. Ohun tí o rò nípa rẹ̀, fi búlúù. Pupa ń lọ sínú èsì, búlúù ń lọ sínú ìjíròrò."

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, mo mú àwọn tó rọrùn ṣáájú. Gàrí Ibefun kan ju ti Odogbolu lọ: pupa. Àwọn olùwádìí mìíràn ti rí irú rẹ̀ rí: búlúù. Níbi tí mo ti kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ àárín ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe èèṣì, mo fẹ́ fa búlúù, nítorí ó dún bí èrò létí mi. Dókítà ní rárá, ìṣirò ni mo ṣe tí mo fi mọ̀ ọ́n, pupa ni. Níbi tí mo ti kọ ọ́ pé oró náà kò kọjá ìwọ̀n tí ìjọba fọwọ́ sí, ó ní kí n jẹ́ kí iye rẹ̀ wà nínú èsì, kí n gbé ìfiwéra náà lọ sínú ìjíròrò. Mo tún ti kọ ọ́ níbì kan pé "ó yani lẹ́nu." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnu tó yà mí kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n.

Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí a fi dé orí gbólóhùn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà. Ohun tí mo kọ ni pé oró inú gàrí Ibefun kéré jù nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ wọn kan pọ̀ ju ti àwọn ìlú yòókù lọ. Mo fa pupa sí abẹ́ ìdajì àkọ́kọ́. Mo dé ibi "nítorí," mo dúró. Mo tún fa pupa lọ.

"Ọjọ́ yẹn," Dókítà wí, "ta ló kà á?"

"Sà?"

"Ohun tó bá wọ inú èsì, Orí Kẹta gbọ́dọ̀ ti sọ bí a ṣe wọ̀n ọ́n. Ṣí Orí Kẹta. Fi ibi tí o ti kọ bí o ṣe ka ọjọ́ hàn mí."

Mo ṣí i. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ mò ń ṣí i káàkiri bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó ti wò tán. Gàrí yíyan ni mo rà, gàrí tó ti jinná. Kí ni mo fẹ́ máa ka ọjọ́ fún? Ta ni ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ̀ pé àwọn ará Ibefun máa ń fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ pẹ́? Èmi mọ̀ ọ́n, Dókítà tí wọ́n bí sí Odogbolu mọ̀ ọ́n, a jọ ka gbólóhùn náà láìmọye ìgbà, kò sí ẹni tó kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ìgbà tí èsì àti ìjíròrò wà pọ̀, gbólóhùn yẹn ń sùn láàárín wọn ni, olúkúlùkù sì rò pé ọmọ ẹnì kejì ni.

Mo ní kí a gbé e lọ sí ìjíròrò nígbà náà. Ó ní a lè gbé e lọ, ṣùgbọ́n kò lè wọbẹ̀ bó ṣe rí. Ó lè jẹ́ irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gbìn ni kò ní oró púpọ̀. Ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe ń fún un tàbí bí wọ́n ṣe ń yan án. N kò wọn ọ̀kankan nínú wọn, nítorí náà n kò lè mú ọ̀kan, kí n lé àwọn tó kù lọ. Ó gba bírò búlúù lọ́wọ́ mi, ó fa igi lé "nítorí pé," ó kọ "ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé" sókè rẹ̀.

Inú bí mi. Mo sọ ọ́ fún un, mo ní, "Sà, òótọ́ mà ni."

"Ó lè jẹ́ òótọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tìrẹ ló fi hàn."

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ gàrí tí mo rà lọ́jọ́sí kan.

"Ùwọ náà! Ọjọ́ tó bá fi ṣe ni," ó wí. "Bí òjò bá ń rọ̀ ó lè pẹ́. Bí oòrùn bá mú, kì í pẹ́. A máa ń gbóòórùn rẹ̀ ni. Ṣé ìwé náà ti jáde?"

Mo ní ó kù díẹ̀.

Dókítà fi ọ̀nà tó tọ́ hàn mí: kí n mú ẹ̀gẹ́ kan náà, kí n pín in, kí n jẹ́ kí apá kọ̀ọ̀kan kan fún iye ọjọ́ tirẹ̀, kí n wá wọn oró gbogbo wọn. Iṣẹ́ sáà mìíràn nìyẹn. Kẹ́míkà ti tán ní yàrá àyẹ̀wò, ọjọ́ tí wọ́n dá fún àtúnṣe ti ń kan ilẹ̀kùn, oníbàárà Èkó sì ti ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Mo tẹ gbólóhùn náà bí Dókítà ṣe kọ ọ́, mo di ìwé náà, wọ́n gbà á, wọ́n kí mi kú oríire.

Sátidé yẹn, mo lọ sí Ibefun. Abẹ́ àtíbàbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ wà ni wọ́n kó ìjókòó sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba ìwé náà, ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ tó le, ó gbé e yí ká fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó dá a padà fún mi. Ó ní kí n kà á kí oníbàárà gbọ́. Mo ka èsì fún wọn ní Yorùbá, pé gàrí Ibefun ni oró rẹ̀ kéré jù. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo ọkùnrin náà bí ẹni tó ti jẹ ayò.

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó kàn bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀yin arábìnrin, ṣé ìwé yín sọ pé ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ló fà á?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo lè parọ́, kò sí ẹni tó máa ṣí ìwé wò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọwọ́ ara mi fa pupa àti búlúù, ẹnu mi kò gbà á mọ́.

"Ó ṣeé ṣe," mo wí.

"Ó ṣeé ṣe," ọkùnrin náà tún un sọ, ó ń mi orí. "Ẹ ṣeun. Ó dáa náà, ó lè máà jẹ́ òun."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé kò dọ́gba báyẹn, pé ohun tí n kò wọ̀n kì í ṣe ohun tí kò sí, pé kí wọ́n ṣì dúró ná. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ ọ pé kò yé wọn, àti pé kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí yóò tó gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n ń retí lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò wò mí. Ó ti gba ìwé náà padà lọ́wọ́ mi, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sì sí eruku lára rẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó lọ, àwọn obìnrin gbà láti máa fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan péré.

Mo tún lọ kí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ó bu gàrí fún mi bó ti máa ń ṣe, kò fi ìbínú kankan ṣe é. Mo bu omi tútù sí i nílé rẹ̀ níbẹ̀, mo fi ṣíbí gbé e dé ẹnu. Gàrí náà funfun, ó jinná, ó wú dáadáa. Kò kan rárá.

"Màmá," mo wí, "kò kan."

Ó jókòó tì mí, ó sún abọ́ náà mọ́ mi díẹ̀.

"Fi sílẹ̀ nínú omi kó pẹ́ díẹ̀ sí i, ọmọ mi," ó wí. "Ó ṣeé ṣe kó kan."