Ìka Ìyá Ọkọ Mi Lórí Kọ̀ǹpútà

Nínú kíláàsì kọ̀ǹpútà wa, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́bàá Igbosere, èmi ni mo dàgbà jù. Àǹtí ni gbogbo wọn ń pè mí, ojú àánú ni wọ́n sì fi ń wò mí tí mo bá ń wá àmì akámọ́ kiri lórí kíbọ́ọ̀dù. Inú máa ń bí mi, ṣùgbọ́n mo ń gbé e mì. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé fún wa kò le lójú: ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí èèyàn á ti máa kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀. HTML la fi máa ṣe àpótí ìkọ̀wé, bọ́tìnì “Fi kún un”, àti àyè tí àwọn ohun náà á tò sí. JavaScript ni yóò máa gbé ohun tá a bá kọ láti inú àpótí bọ́ sísàlẹ̀. Olùkọ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ẹni tí tirẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kò ní bá wọn wọ kíláàsì kejì. Mo sì fẹ́ kíláàsì kejì yẹn bí nǹkan míì. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń ta léèsì ní Ìsàlẹ̀ Gángan, mi ò kórìíra rẹ̀, àmọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fúnra mi yàn.

Ìyá ọkọ mi ló gbà mí láyè. Òun ló ń jókòó ti ọjà mi tí mo bá lọ sí kíláàsì. Ó tún yọ̀ǹda yàrá rẹ̀ fún mi, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ariwo agboolé kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Nígbà tí àwọn kan ń bèèrè ohun tí ìyàwó ilé ń wá nídìí kọ̀ǹpútà, ó dá wọn lóhùn pé, “Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀ o, ẹ jẹ́ ó kàwé ẹ̀.”

Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo rò pé mo ti parí. Mo kọ nǹkan bíi mélòó kan, mo tẹ bọ́tìnì mi, gbogbo wọn tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Inú mi dùn débi pé mo pe Màmá wá wò ó.

“Màmá, ẹ bá mi kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lọ́la síbẹ̀.”

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín pé kí Màmá tó fẹ̀yìn tì, àwọn lọ́yà Igbosere ló ń tẹ tàípù fún. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ọ́rọ́, kò wo kíbọ́ọ̀dù rárá, ó kọ “Ra ẹja”, ó sì gbá Enter bí ẹni tó parí ìlà. Ojú ewé ṣẹ́jú. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pòórá.

“Yéè! Ìyàwó, mo ti bà á jẹ́!”

Ara mi gbóná. “Bọ́tìnì yìí lẹ ò bá tẹ̀, Màmá.”

“Tí ìlà bá ti parí, ìka mi ò kí ń bi mí kó tó lọ síbẹ̀. Má bínú, ọmọ mi.” Ó rọra jáde.

Mo tún dán an wò. Tí mo bá tẹ bọ́tìnì, ó ṣiṣẹ́. Tí mo bá gbá Enter, ó pòórá. Ìgbà yẹn ni mo rí àmì ìbéèrè kan tó ti lẹ̀ mọ́ ìdí àdírẹ́sì ojú ewé náà lókè. Ó yé mi wàyí. Inú fọ́ọ̀mù ni àpótí mi wà, Enter sì máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ojú ewé á tún ara rẹ̀ ṣí lófìfo. Bọ́tìnì nìkan ni mo ní kí JavaScript mi máa ṣọ́. Mo sọ bọ́tìnì náà di ti fọ́ọ̀mù, mo ní kí JavaScript máa ṣọ́ fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, mo wá kọ event.preventDefault() sí ìlà àkọ́kọ́, kí fọ́ọ̀mù má baà rìn lọ mọ́. Mo bẹ Màmá kó tó gbà láti padà wá. Ó gbá Enter, ẹja rẹ̀ sì dúró.

Lọ́jọ́ Sátidé, olùkọ́ kò tilẹ̀ wo bọ́tìnì ẹnikẹ́ni. Ó ń kọ̀wé, ó ń gbá Enter. Ti ọmọkùnrin tó jókòó tì mí ṣófo pátápátá. Tèmi dúró.

“Àǹtí, ẹ ti wọ kíláàsì kejì nìyẹn.”

Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo pe Màmá lórí fóònù. Kò jẹ́ kí n kí i tán.

“Ìyàwó, jọ̀ọ́, ṣé ohun tí mo bà jẹ́ yẹn ò kó bá ẹ?”

Mo bú sẹ́kún níwájú àwọn èèyàn. Gbogbo òru ló ti ń rò ó.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ gbé mi wọlé. Ká ní ẹ ò gbá Enter yẹn ni, èmi náà ì bá ti fìdí rẹmi. Ẹ ṣeun, Màmá mi.”

“Alihamudulilahi.” Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà kan nídìí léèsì mi pé kó ní sùúrù, ìyàwó òun ń bá òun sọ̀rọ̀.