Àpá Áyọ́ọ̀nù Lórí Maṣíìnì Ìyàwó Mi

Èmi ni mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹjọ́ rẹ̀ ti kú. Díẹ̀ ló kù kí n bá a sin ín.

Ìjerò la wà nígbà náà. Télọ̀ ni ìyàwó mi, maṣíìnì rẹ̀ ló sì ń bọ́ wa ju kòkó mi lọ, bí mi ò tilẹ̀ jẹ́ sọ ọ́ lójú ará ìta. Àfi bí wọ́n ṣe jí maṣíìnì náà gbé. Ó pẹ́ díẹ̀, a rí maṣíìnì kan níwájú ọkùnrin télọ̀ kan ní Ẹ̀fọ̀n. Àpá áyọ́ọ̀nù eléèédú wà lórí pákó rẹ̀, níbi tí èmi fúnra mi jó o sí lọ́jọ́ tí mo ní kí n bá a lọ aṣọ. Irin tí alágbẹ̀dẹ fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan náà wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá gbé ọkùnrin náà lọ sí kóòtù.

Alágbẹ̀dẹ ní irin náà jọ iṣẹ́ ọwọ́ òun. Lọ́yà ọkùnrin náà wá kọjú sí mi: "Bàbá, ṣé maṣíìnì tiyín nìkan ni áyọ́ọ̀nù jó rí?"

Mo ní, "Rárá o. Ó ṣeé ṣe kí òmíràn wà."

Ọkùnrin náà ò sọ nǹkan kan ní tirẹ̀, òfin ò sì fipá mú un. Adájọ́ ní iyèméjì wà níbẹ̀, ó dá a sílẹ̀. Òun àti maṣíìnì jọ wọkọ̀ padà sí Ẹ̀fọ̀n ni.

Akọ̀wé kóòtù ló pe ìyàwó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá, ẹjọ́ ìjọba nìyẹn. Ẹ̀yin náà lè pe ọkùnrin yẹn lẹ́jọ́, pé kó dá ohun ìní yín padà. Àmọ́ ọlọ́pàá ò ní bá yín kó ẹlẹ́rìí wá o."

Mo ní, "Adájọ́ kan náà, lọ́yà kan náà! Ṣé ìtìjú ẹ̀ẹ̀kan ò tó ni?"

Ìyàwó mi ní, "Bàbá wọn, bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ sọ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ má pè é lọ́gbọ́n."

Ó pe ọkùnrin náà lẹ́jọ́, ó bẹ alágbẹ̀dẹ kó tún wá jẹ́rìí, ó sì fà mí sínú ọkọ̀. Ní Aramọkọ, mo ní inú ń run mí. Ó ní kó máa run mí lọ títí a ó fi dé kóòtù.

Lọ́yà tún bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí. Èmi náà tún dáhùn pé ó ṣeé ṣe. Mi ò lè wo ojú ìyàwó mi. Lọ́tẹ̀ yìí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀: ó rà á lọ́jà, kò mọ orúkọ ẹni tó tà á, kò sì sẹ́ni tó rí wọn.

Adájọ́ sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀: "Lọ́jọ́sí, ìjọba ló ní olè ni ọkùnrin yìí. Bí iyèméjì tó nídìí bá wà, mi ò gbọdọ̀ rán ọmọ ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n. Lónìí, ẹni tó ni maṣíìnì là ń wá, ìwọ̀n ni mo sì gbé kalẹ̀. Ìyá yìí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹ̀rí sórí rẹ̀, ó sì ti gbé e. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló tẹ̀ sí. Kò dìgbà tó bá tẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ gbé maṣíìnì obìnrin náà fún un."