Wọ́n Yọ Orúkọ, Wọ́n Fi Agboolé Sílẹ̀

Ọ̀gá wa gbà pé bí ẹ kò bá ti dárúkọ ẹnì kan, ẹ kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ́fíìsì ètò ìlera ni mo wà nígbà náà, ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn. Èmi ni mo ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Nọ́ọ̀sì á tẹ orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí rẹ̀, àìsàn rẹ̀ àti agboolé rẹ̀ sórí fóònù ní kílíníìkì. Ní ìdájí, kọ̀ǹpútà wa á kó gbogbo rẹ̀ jọ fúnra rẹ̀, á sì fi tún ojú ìwé kan ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwa mẹ́ta péré ń wò. Agboolé yẹn wúlò fún wa: bí ẹnì kan kò bá wá gba oògùn, ibẹ̀ la ó ti wá a lọ.

Ó di ọjọ́ kan, ọ̀gá ní kí a ṣí ojú ìwé náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kí ará ìlú lè rí iṣẹ́ tí à ń ṣe. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bo àwọn èèyàn wọ̀nyí láṣìírí." Ó ní òun ti yọ orúkọ wọn. Orúkọ! Ta ló ń pe ìyàwó ilé lórúkọ ní ìlú wa? Bí ẹ bá béèrè orúkọ inú ìwé mi ládùúgbò, wọ́n á ní wọn kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ agboolé wa, tí ẹ fi ọjọ́ orí mi kún un, ọmọ ọdún méje á mú yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo ṣàlàyé títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó ní èmi obìnrin yìí, mo fẹ́ràn wàhálà jù.

Wọ́n ṣí i lọ́jọ́ Ajé. Mo wò ó lórí fóònù mi, ìlà kan fún aláìsàn kan. Mo rí obìnrin kan, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ikọ́ ife, pẹ̀lú agboolé tó wà lẹ́yìn ilé wa gan-an. Ìyá kéwú ni, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Kùránì lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti lo oògùn ju oṣù méjì lọ, àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa dúró gbọ́ ìyẹn?

Mo fọwọ́ ara mi pa ìlà rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, ó ti padà síbẹ̀ gbàgà. Mo tún pa á rẹ́. Lọ́jọ́rú, ó tún dé. Mo bú kọ̀ǹpútà, mo bú ara mi. Ṣebí mo mọ̀ pé láti kílíníìkì ló ti ń bu ọ̀rọ̀ wá lójoojúmọ́! Kí ni mo ń nu ilẹ̀ fún nígbà tí ìkòkò ṣì ń jò?

Lọ́jọ́bọ̀, mo ti ojú ìwé náà pa láìgbàṣẹ. Mo wá tún ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé ibẹ̀ ṣe, kí kọ̀ǹpútà máa ka àwọn èèyàn pọ̀ kó tó gbé ohunkóhun síta. Agboolé di wọ́ọ̀dù, ìyẹn àdúgbò ńlá tí ìjọba pín ìlú sí. Ọjọ́ orí di ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ibi tí èèyàn kò bá ti tó márùn-ún, kó má kọ iye, kó kàn kọ pé wọn kò tó. Mo tún rí i pé ẹni tó bá yọ iye àwọn wọ́ọ̀dù yòókù kúrò nínú àpapọ̀ ìlú á ṣì mọ iye tí mo fi pamọ́, ni mo bá bo wọ́ọ̀dù kejì mọ́ ọn. Ọ̀gá fẹ́ bínú. Mo ní kó wá agboolé tirẹ̀ nínú èyí tó kọ́kọ́ ṣí. Ó rí i níbẹ̀, ó sì ní kí n fi tuntun síta.

Àmọ́ ẹyin ti bọ́, ó ti fọ́. Àwọn òbí ti rí i, àwọn ọmọ kò lọ kéwú mọ́. Ọmọbìnrin tèmi náà ti wà nílé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá rẹ̀ ló ní kó jókòó, èmi náà kò sì bá a jà.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé ti ọ́fíìsì fi hàn mí pé ìyá kéwú kò wá gba oògùn. Mo lọ bá a. Òun nìkan ló jókòó lábẹ́ igi, ẹní ṣófo níwájú rẹ̀.

"Mi ò lọ mọ́," ó ní. "Nọ́ọ̀sì yẹn tú àṣírí mi. Òun nìkan ló mọ̀."

"Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, Ìyá kéwú. Ọ́fíìsì wa ni. Àwa la gbé e síta."

"Ẹ ti wá yọ mí kúrò níbẹ̀?"

"A ti yọ yín. Kọ̀ǹpútà kò tún lè gbé yín jáde mọ́."

"Ó dáa. Màá lọ gba oògùn lọ́la." Ó ká etí ẹní tó wà nítòsí rẹ̀. "Ẹnu àwọn èèyàn ńkọ́? Ẹ bá mi yọ mí kúrò níbẹ̀ náà."

Mo padà sílé, mo ní kí ọmọ mi gbé wàláà kéwú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, gbogbo àdúgbò ti jókòó síta. Mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, a gba iwájú gbogbo wọn kọjá, títí a fi dé abẹ́ igi máńgòrò.