Ibi Tí Bàbá Elijah Ti Ń Dánu Dúró

Ọwọ́ Damaris mọ́. Gbogbo Osi ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, òun nìkan ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé àwọn tíṣà. Lọ́dún tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe ìwé ìtàn fún àjọ̀dún rẹ̀, òun ni ìgbìmọ̀ gbé ohùn àwọn àgbà lé lọ́wọ́. Wọ́n ní kò ní ọkọ tí yóò máa bèèrè oúnjẹ, kò sì ní ọmọ tí yóò máa fa ìwé ya. Wọn kò fi bú u. Damaris náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gba kásẹ́ẹ̀tì tí ohùn wọn wà nínú rẹ̀ láti kọ ọ́ sínú ìwé.

Japhet, tíṣà ọ̀dọ́ kan, ló fi rẹ́díò gba ohùn àwọn àgbà tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sílẹ̀, àmọ́ ìjọba ti gbé e lọ sí ìhà Pàtígi kí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ Damaris. Kò sí ẹni tó lè bi léèrè ohun tó bá rú u lójú. Kásẹ́ẹ̀tì sì wọ́n nígbà náà. Bí ó bá ti kọ ti àgbà kan tán, àwọn ìgbìmọ̀ á gba kásẹ́ẹ̀tì náà padà, wọn á gba ohùn ẹlòmíràn lé e lórí. Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ nìyẹn.

Lọ́sàn-án, bí àwọn ọmọ iléèwé bá ti lọ tán, á gbé rẹ́díò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa dá a dúró, á máa dá a padà, á sì máa kọ gbogbo ohun tó bá gbọ́: ọ̀rọ̀, ikọ́, àti “ẹ̀ẹ́n” tí àgbà ń fi wá ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fa gègé pupa yọ. Á fa igi lé “ẹ̀ẹ́n” àti “kiní yìí” àti “ṣé ẹ rí i.” Ibi tí àgbà bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò parí rẹ̀, tó tún un bẹ̀rẹ̀, á yọ ti àkọ́kọ́. Kì í fi àmì ìdúró síbi tí èémí bá ti tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti tán ló ń fi í sí. Kì í sì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ó tún máa ń ṣọ́ra, nítorí pé “ẹ wò ó” kan lè jẹ́ pàǹtí, kí èkejì sì jẹ́ pé àgbà náà ń nawọ́ sí nǹkan ní tòótọ́.

Ti Bàbá Elijah Ìbítóyè ló le jù. Bàbá náà sọ bí wọ́n ṣe ru páànù ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ lórí láti ibi tí ọkọ̀ ojú irin já a sí ní Ọ̀fà, àti bí ògiri ṣe wó kí páànù náà tó dé orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, àmọ́ ó ń ṣàn bí odò tí kò ní bèbè. Ní ìparí nǹkan gbogbo, á ní, “Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Àtinúkẹ́?” Á wá dákẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú. Damaris rò pé obìnrin kan jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà tó ń mi orí. Kò sì gbọ́ ìdáhùn kankan. Ó ka orúkọ náà mọ́ “ṣé ẹ rí i,” ó fa igi lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó so àwọn gbólóhùn tó kù pọ̀. Ìtàn náà dán.

Àṣà ìgbìmọ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ ka ìwé fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ìlọrin. Damaris lọ. Bàbá Elijah jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, iṣu tó fẹ́ bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́tí títí Damaris fi kà á dé òpin. Ó wá mú ọ̀bẹ rẹ̀ nílẹ̀.

“Tíṣà,” ni bàbá náà wí nígbẹ̀yìn, “o kà á re. Àmọ́ níbo lo gbé ìyàwó mi sí?”

Damaris ṣí ìwé wò bí ẹni pé yóò rí i níbẹ̀. Ó bèèrè bóyá kí òun pè wọ́n wá láti inú ilé. Bàbá náà fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí koríko ti bo orí ilẹ̀ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́.

“Ibẹ̀ ni Àtinúkẹ́ wà. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Òun ló ń ru omi tí a fi po amọ̀ nígbà náà. Bí mo bá ń sọ ìtàn tí mo ṣì í sọ, òun ló ń tún un ṣe. Irọ́ ò lè ti ẹnu mi jáde lójú rẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ó máa ń ni mí lára nígbà yẹn.”

Damaris padà sílé, ó tún kásẹ́ẹ̀tì náà gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́ àwọn ibi tí bàbá náà dákẹ́ sí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló ń wá. Ó ń dúró de èsì. Níbi ògiri tó wó, ó ní àwọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ rí i. Ó pe Àtinúkẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, “Rárá o, àwọn obìnrin ni. Wọ́n ń ru omi bọ̀.” Damaris ti yọ àṣìsọ náà àti orúkọ náà pa pọ̀, ó fi àtúnṣe nìkan sílẹ̀, bí ẹni pé bàbá náà dá a rántí fúnra rẹ̀.

Ó gbé ìwé náà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, hẹ́dìmásítà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, ó ní òun fẹ́ dá orúkọ obìnrin náà padà síbi gbogbo tí òun ti yọ ọ́. Alága ní ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kò lè máa pe òkú ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn á fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà dé Iloffa.

“Iṣẹ́ tí a gbé fún ọ ni kí o yọ pàǹtí.”

“Mo ti yọ pàǹtí, sà. Èyí kì í ṣe pàǹtí.”

Damaris kì í jiyàn. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí alága gbójú sókè wò ó. Ó ní kó mú ibì kan ṣoṣo, kó má ṣe bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi ògiri ló mú. Ó dá àṣìsọ bàbá padà, ó dá orúkọ padà, ó sì tún lọ kà á. Nígbà tó dé ibẹ̀, Bàbá Elijah gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Àgùntàn kan kọjá níwájú wọn.

“Ó tó,” ni bàbá náà wí. “Èyí tó kù, èmi á máa pè é nílé. Máa kà lọ.”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wá gba kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ní àgbà kan ń dúró dè é ní Idofin. Damaris fà á lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó ti mọ́ ọn lára kí ẹnìkan máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìwé náà kọ fún àwọn atẹ̀wé. Nígbà tó dé ibi ògiri, ó kọ “Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Àtinúkẹ́?” Kò so ó mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ó fi ìyókù ìlà náà sílẹ̀ lófìfo, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn.