Obìnrin Tó Ń Gbé Àga Wọlé

Iṣẹ́ mi ni kí n sọ bí fídíò orin yóò ṣe rí kí kámẹ́rà tó dé. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde á fi orin ránṣẹ́, màá gbọ́ ọ títí á fi wọ̀ mí lára, màá sì kọ ìtàn tí ojú máa rí lórí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan: ibi tí a ó ti yà á, aṣọ, ìmọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo bá kọ ni wọ́n á fi pinnu bóyá àwọn á yà á.

Libreville, ní Gabon, ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀yìn ìsọ̀ ìyá mi ní ọjà Mont-Bouët ni mo ti gbọ́ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olórin, tí wọ́n fi orin rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Faransé ló fi kọ ọ́, àfi ègbè: "Ẹ gbé ẹrù mi síta, màá gbé e wọlé padà."

Mo kọ ọ́ báyìí: ní ẹsẹ kìíní, obìnrin kan bá ẹrù rẹ̀ níta. Inú yàrá òfìfo ni kámẹ́rà wà, kò sì ní jáde. Bí ègbè bá dé, á gbé àga kan wọlé. Bó bá tún dé, á gbé tábìlì. Nígbà tí orin á fi parí, yàrá ti kún.

Ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà ní àdúgbò Glass, ọ̀gá wọn kà á tán, ó fi Faransé bi mí pé, "Madame, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ dà? Ọkọ̀ bọ̀gìnnì dà? Orin ijó mà nìyí."

"Ìlù lẹ gbọ́, ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀."

"Ta ni ọ̀rọ̀ Yorùbá máa yé níbí?"

"Ìdí tí mo fi kọ àga nìyẹn. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá máa rí àga tó ń wọlé."

Ó ní kí n tún un kọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gbé e fún ẹlòmíràn.

"Ẹ gbé e fún un," ni mo wí. Mo sì dìde.

Olórin náà, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, dìde pẹ̀lú mi. "Ẹni tó bá kọ ibi ìlúwẹ̀ẹ́, òun náà ni kó wá kọrin níbẹ̀."

Nínú takisí tó ń gbé wa lọ sí àdúgbò Rio, ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé a ò ti ba nǹkan jẹ́ báyìí?"

"Ó ṣeé ṣe," ni mo dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n a ò tíì purọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí ọ̀gá náà fi pè. Àwọn ẹlòmíràn ti kọ tiwọn wá, ṣùgbọ́n olórin kò gba ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀gá náà ní, "Ijó nìkan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún."

Ìyẹn ò burú, nítorí ó tọ̀nà. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dákẹ́ tó ku ìlù nìkan, mo kọ ọ́ pé kí àwọn aládùúgbò ru ẹrù wọlé pẹ̀lú obìnrin náà, kí ẹsẹ̀ wọn máa bá ìlù lọ. N ò fi ohun mìíràn kún un. Ọ̀gá náà fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí a yà á, ó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, ó ń mi orí sí ìlù. Olórin fúnra rẹ̀ ló gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, òógùn bò ó, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.