Kòdínkan àti Ọjà Tó Kù Lórí Pẹpẹ

Ọkọ àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kòdínkan ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí bí ọ̀gá bá bi í pé páálí ìṣó mélòó ló kù ní sítọ́ọ̀, á dárúkọ iye rẹ̀, á wá fi kún un pé, "Kò dín kan." Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣọ́ sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́ta ni owó oṣù rẹ̀. Yọ owó ilé, yọ owó ọkọ̀, yọ owó ilé-ìwé ọmọ méjì, èyí tó kù ò tó ra bàtà gidi.

Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ náà ra kọ̀ǹpútà tí yóò máa ka ọjà. Ọ̀gá pè é, ó ní iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ti ń parí lọ, ṣùgbọ́n àga kan ṣófo lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé owó. Bí ó bá lè mú ìwé ẹ̀rí ìṣírò owó wá kí oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, òun ni yóò jókòó síbẹ̀. Bí kò bá rí i mú wá, kí ó má bínú.

Kòdínkan bá gba ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kíní, ó fìdí rẹmi. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, máàkì mẹ́ta ló kù kí ó yege. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni wọ́n ń gbà nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, èmi ni mo san án. Mi ò fi yangàn o; owó ni, ó sì yẹ kí a mọ ibi tó gbà.

Iṣẹ́ àmúrelé ìkẹyìn ló wá kù. Ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀, kò ní rí ìwé ẹ̀rí gbà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo yà sílé wọn. Wọ́n ti ti ẹ̀rọ ìránṣọ àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìwé lè ráyè lórí tábìlì. Ọkọ rẹ̀ fi rúlà fa ìlà bí ẹni ń wọn pákó.

Olùkọ́ wọn kọ oríṣiríṣi àkáǹtì oníṣòwò kan sílẹ̀ látinú lẹ́jà, ìwé tí oníṣòwò náà ń kọ owó rẹ̀ sí, pẹ̀lú iye tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ méjì ló bèèrè. Àkọ́kọ́ ni tíráyà bálàǹsì: kí wọ́n pín àwọn iye náà sí ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún, kí àròpọ̀ méjèèjì sì dọ́gba. Ìkejì ni ìwé èrè àti òfò. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ìlà kan dá dúró: "Ọjà tó kù ní òpin ọdún, 35,000."

Kòdínkan to ọwọ́ òsì: ọjà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọjà tí wọ́n rà, èyí tí oníbàárà dá padà, owó òṣìṣẹ́, owó ilé, owó ẹrù, àga àti tábìlì, owó tó wà lọ́wọ́ àwọn onígbèsè, owó tó wà nílẹ̀, èyí tí oníṣòwò mú jáde fún ara rẹ̀. Ó wá kọ ọjà tó kù ní òpin ọdún sí ìsàlẹ̀ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó to ọjà tí wọ́n tà sí, pẹ̀lú gbèsè tí oníṣòwò jẹ àti owó tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Ó rò ó pọ̀. Òsì jẹ́ 605,000. Ọ̀tún jẹ́ 570,000.

Ó tún un rò. Ohun kan náà ni.

Àbúrò mi na ọrùn wò ó. "Bàbá àwọn ọmọ, iye tí ẹ fi lé yẹn, ṣé kì í ṣe ti ọjà ìsàlẹ̀ yìí náà ni? Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí a ráyè jẹun."

"Kí n yọ kí ni? Ọjà tó wà lórí pẹpẹ? Bí wọ́n bá ní níbo ló wọlẹ̀ sí ńkọ́?"

"Ta ni yóò bi yín? Ṣé ẹ ti rí ọjà náà rí ni?"

"Aránṣọ, máa rán aṣọ ẹ."

"Mo ti gbọ́. Aṣọ tí mò ń rán náà lẹ̀ ń wọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, Kòdínkan ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ní ọdún méje sẹ́yìn, akọ̀wé kan gbàgbé láti kọ ilẹ̀kùn méjìlá sínú ìwé ọjà òpin ọdún. Wọ́n ní Kòdínkan ló jí wọn, wọ́n sì ń gé owó oṣù rẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Nígbà tí wọ́n rí ilẹ̀kùn náà lẹ́yìn pákó, kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà fún un. Láti ìgbà náà, bí ọjà bá wà nílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀tún ni wọn ò kọ pé," ó ní. "Ẹni tó bá ní ọjà yìí, owó rẹ̀ náà ló fi rà á. Akọ̀wé wọn ló gbàgbé."

Ó bá pa 112,000 tó jẹ́ owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò rẹ́, ó kọ 147,000. Òsì àti ọ̀tún di 605,000. Èmi náà rí i. Ohun tó bá dọ́gba máa ń wuni wò.

Ìwé èrè àti òfò ò fún un ní wàhálà. Ọjà títà jẹ́ 420,000. Ó yọ ìdápadà 10,000. Ó ro ọjà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, 40,000, mọ́ ọjà rírà, 260,000, ó yọ 35,000 tó kù, ó jẹ́ 265,000. Èrè àkọ́kọ́ jẹ́ 145,000. Ó yọ owó òṣìṣẹ́, owó ilé àti owó ẹrù, 80,000. Èrè gan-an jẹ́ 65,000.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá a lọ gba èsì, kí n lè mọ ohun tí owó mi rà. Olùkọ́ náà kéré sí àbígbẹ̀yìn mi.

"Ẹ jókòó, sà," ó ní. "Ìwé èrè àti òfò yín pé. Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀."

Kòdínkan mí kanlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ọjà tó kù ní òpin ọdún, kò sí nínú lẹ́jà, sà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni. Ọjà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ọjà rírà tó wà nínú tíráyà bálàǹsì, inú wọn ló ti wá; bí ẹ bá tún kọ ọ́, ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì."

"Ọjọ́ wo nìyẹn, mà?"

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó dárúkọ ọjọ́ náà. Kòdínkan wolẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí ó dúró ka ọjà òpin ọdún ni.

"Ká ní ẹ fi í sílẹ̀ láì dọ́gba, sà, màá fún yín ní máàkì tó yẹ yín, ẹ ó sì yege. Ṣùgbọ́n ẹ yí owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò padà. Iye tí mo kọ fún yín! Akọ̀wé owó tó bá ń yí iye padà kí ìwé lè dọ́gba, kí ni wọn yóò fi í ṣe? Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kí n fagi lé gbogbo rẹ̀."

"Mà, mi ò jí nǹkan kan."

"Mi ò ní ẹ jí i, sà."

Mo bẹ̀ ẹ́. Kòdínkan ò bẹ̀bẹ̀. Ó ka ìwé rẹ̀ jọ, ó tò ó létí létí.

Oṣù kẹfà parí. Ọmọdébìnrin kan tó ní ìwé ẹ̀rí ló gba àga náà. Ọ̀gá fi Kòdínkan sí géètì, kí ó máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó bá ń wọlé, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì lóṣù. Mo ṣírò rẹ̀ fún àbúrò mi: owó ilé-ìwé ọmọ kan ni yóò ṣeé san, kì í ṣe ti méjì. Àbúrò mi bi mí pé èwo nínú wọn. Ọkọ rẹ̀ wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ wa, kò jáde.